Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́wàá Àkọ́kọ́: Kíkọ Ìkíni fún Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Ìpè ní Kíníìkì

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ni kíníìkì kéékèèké àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ ní Ìkòròdú. Mo tò ó sílẹ̀ báyìí fún àwọn tó ní kí n fi ránṣẹ́.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ti ra ẹ̀rọ tó ń gbé ìpè fúnra rẹ̀, èyí tó máa ń sọ pé “ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ ìyẹn.” Ìdí tí ẹ fi rà á yé mi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lórí iṣẹ́, ó ń wẹ egbò lọ́wọ́, fóònù ń dún, kò sí ẹni tó máa gbé e. Nǹkan tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí kéré, àmọ́ òun ló ń pinnu bóyá ẹ̀rọ náà yóò ran aláìsàn lọ́wọ́ tàbí yóò dí i lọ́nà: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yẹn máa kọ́kọ́ sọ, láti ìkíni títí dé ìgbà tí ẹni tó pè á mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ka ọ̀kan fún yín. Ẹni tó ni kíníìkì kan ní ọ̀nà Ẹ̀bútè ló kọ ọ́, ó sì gbà kí n lò ó fún àpẹẹrẹ:

“Ẹ káàbọ̀ sí ilé ìwòsàn wa tó gbajúmọ̀, níbi tí ìlera yín ti jẹ wá lógún jù lọ. A dúpẹ́ púpọ̀ pé ẹ yàn wá láàyò. A ní àwọn dókítà tó mọṣẹ́ dunjú, yàrá àyẹ̀wò ìgbàlódé àti yàrá ìbímọ tó tura. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan. Fún ìforúkọsílẹ̀, ẹ tẹ oókan. Fún yàrá àyẹ̀wò, ẹ tẹ eéjì. Fún ilé oògùn, ẹ tẹ ẹẹ́ta. Fún owó sísan, ẹ tẹ ẹẹ́rin. Fún ẹ̀ka ìbímọ, ẹ tẹ aárùn-ún. Fún pàjáwìrì, ẹ tẹ ẹẹ́fà.”

Ó dùn létí. Kò sí ọ̀rọ̀ àrífín kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á sókè bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ẹ sì dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó máa gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 40 kí ẹ tó dé ibi tí ó ti dárúkọ pàjáwìrì. Ẹ fi ojú inú wo ìyá tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ tó pe nọ́ńbà yìí. Wọ́n ń sọ fún un pé yàrá ìbímọ tura. Wọ́n tún ní kó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ kó tó tẹ nǹkan kan. Yóò pa fóònù kí wọ́n tó dé orí ẹẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gbé ìpè ni owó ti ń lọ lórí káàdì rẹ̀, nítorí pé lójú ilé iṣẹ́ fóònù, ẹ̀rọ tó gbé ìpè kò yàtọ̀ sí ènìyàn tó gbé e.

Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìpolówó gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tó pè yín ti mọ̀ yín, ó ti ní nọ́ńbà yín lọ́wọ́. “Ẹ káàbọ̀” náà gbọ́dọ̀ kúrò, torí pé ẹni náà ò tíì wá sọ́dọ̀ yín. Inú ilé rẹ̀ ló wà, tàbí nínú kẹ̀kẹ́ ní Sábó. “Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀” ló burú jù nínú wọn, nítorí pé ó ń kọ́ ènìyàn láti má tẹ nọ́ńbà nígbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan á wá ní kí á yọ ìkíni náà kúrò, kí á bẹ̀rẹ̀ lórí nọ́ńbà. Mi ò gbà. Bàbá ẹni ọdún 70 tó pè, tí ohùn kan kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “tẹ èyí” láìkí i, á gbà pé òun ti ṣi nọ́ńbà pè, tàbí pé ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló gbé fóònù. Ìkíni ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n máa bá òun sọ, pé ibi tí òun pè ni òun dé. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ẹ fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é kó pé, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti máa ń ba nǹkan jẹ́.

Bó ṣe ń bà á jẹ́ nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá gbé ìpè, ọ̀nà tí ohùn ń gbà láàárín fóònù méjèèjì kì í ṣí lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tí fáìlì ohùn bá bẹ̀rẹ̀ ní kété tí ẹ̀rọ gbé ìpè, ohun tó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá kò ní dé etí ẹni tó pè. Nínú àwọn èdè kan, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Nínú èdè tiwa, “Ẹ” ni yóò sọnù. “Ẹ káàárọ̀” á di “káàárọ̀,” bí ẹni ń kí ọmọdé. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé tí ẹni tó gbà á sílẹ̀ bá pè é ní kíkún, tó ní “ẹ kú àárọ̀,” ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí aláìsàn máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ kíníìkì ni “kú.” Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní òwúrọ̀ tí ara rẹ̀ ò yá.

Ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà gbọ́ fáìlì náà, torí pé níbẹ̀, ó pé. Àfi kí ẹ fi fóònù mìíràn pè wọlé. Ẹ pè láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, kí ẹ sì tẹ́tí sí “Ẹ” yẹn nìkan. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ, àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí ẹ̀rọ gbé ìpè, kó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kàn. Ìkíni tiwa ń tẹ̀ lé oòrùn. Ẹ̀rọ tó ń sọ pé “ẹ káàárọ̀” ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹni tó ń bójú tó o. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè lo “ẹ pẹ̀lẹ́ o,” tó bá gbogbo wákàtí mu, tó sì bá ara tí kò yá mu pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé fáìlì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yín lè gbà, òun ni kí ẹ lò, ó dára púpọ̀. Tí ẹ̀rọ yín bá lè ka agogo, ẹ gba ìkíni mẹ́rin sílẹ̀: ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́ àti ti alẹ́. Ìkíni nìkan ni kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà á wà nínú fáìlì kan, ẹ̀rọ á sì so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń lo Asterisk, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ìpè, láìmọ̀, nítorí pé òun ló wà nínú àpótí tí àwọn oníṣẹ́ fóònù ń tà fún yín. Ẹ lè fi èyí han ẹni tó ń bá yín tún un ṣe. Apá kan péré ni, òun ni yóò kọ `osan`, `irole`, `ale`, `eniyan` àti ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń lọ kún un:

```
[wole]
exten => s,1,Answer()
 same => n,Wait(1)
 same => n,GotoIfTime(04:00-11:59,*,*,*,Africa/Lagos?aaro,s,1)
 same => n,GotoIfTime(12:00-15:59,*,*,*,Africa/Lagos?osan,s,1)
 same => n,GotoIfTime(16:00-18:59,*,*,*,Africa/Lagos?irole,s,1)
 same => n,Goto(ale,s,1)

[aaro]
exten => s,1,Background(ikini-aaro&asayan)
 same => n,WaitExten(10)
exten => t,1,Goto(eniyan,s,1)
```

`Wait(1)` ni ìdákẹ́jẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. `Background` ń jẹ́ kí ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà nígbà tí ohùn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi `Playback` sí ipò rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní ka nọ́ńbà kankan títí ohùn yóò fi parí, ìyá ọlọ́mọ yẹn á sì máa tẹ̀ lásán. Ẹ wo `Africa/Lagos` pẹ̀lú. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí agogo ẹ̀rọ náà sì wà lórí UTC, ìyẹn agogo àgbáyé, á fi wákàtí kan gbẹ̀yìn tiwa, torí pé wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣíwájú UTC. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ pe kíníìkì yín ní agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán. Tí ó bá ṣì ń kí yín ní “ẹ káàárọ̀,” agogo rẹ̀ ló ṣìnà, kì í ṣe fáìlì yín.

Ó wá ku ohun tó tẹ̀ lé ìkíni. Mo bá ẹni tó ni kíníìkì yẹn jókòó, a béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ pé kí ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pè ní tòótọ́. Wọ́n ní àwọn kan ń bẹ̀rù lórí aláìsàn tó wà nílẹ̀, àwọn kan fẹ́ mọ ìgbà tí dókítà máa wà tàbí ọjọ́ tí àwọn aboyún ń wá, àwọn kan ń béèrè bóyá èsì àyẹ̀wò wọn ti jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń pe ilé oògùn tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba owó. Àwọn ẹ̀ka yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n wà nínú ilé náà, kì í ṣe torí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè wọn. Ẹ̀yìn ìyẹn la kọ èyí:

“Ẹ káàárọ̀ o. Kíníìkì wa ní ọ̀nà Ẹ̀bútè lẹ pè. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ tẹ oókan báyìí: ọmọ tí gìrì mú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, aboyún tí ń rọbí, ẹni tí kò lè mí dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ gba ọjọ́ láti wá rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì aboyún, ẹ tẹ eéjì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èsì àyẹ̀wò yín ti jáde, ẹ tẹ ẹẹ́ta. Tí ẹ kò bá tẹ nǹkan kan, ẹ dúró, ẹnìkan á bá yín sọ̀rọ̀.”

(Níbi tí mo ti ní “kíníìkì wa,” orúkọ kíníìkì yín ni kí ẹ fi sí i.)

Kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó pé, ẹni tó wà nínú pàjáwìrì ti gbọ́ nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé “ẹ tẹ oókan báyìí” ṣíwájú gìrì àti ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé pàjáwìrì ni tòun á ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò dá a lójú ni àwọn àpẹẹrẹ yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìyókù, ohun tí ènìyàn ń wá ló ṣíwájú, nọ́ńbà ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́ “ẹ tẹ ẹẹ́ta” kó tó mọ ohun tó wà fún, á ti gbàgbé ẹẹ́ta nígbà tó bá máa fi mọ̀.

Ohun kan wà tó ń mú mi dúró lórí mẹ́ta. Okùn fóònù àtijọ́ àti ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í gbé gbogbo ohùn ènìyàn. Láti nǹkan bíi 300 sí 3400 Hz ni wọ́n ń gbé, ìyókù a já dànù. Ibi tí wọ́n ń gé yẹn ni púpọ̀ nínú atẹ́gùn f, s àti ṣ wà. Nítorí náà, “ẹẹ́ta” àti “ẹẹ́fà” sún mọ́ ara wọn jù lórí fóònù. “Eéjì” àti “eéje” náà rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún etí àgbà, tí jẹnẹrétọ̀ bá tún ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá dúró lórí oókan, eéjì àti ẹẹ́ta, kò sí ẹẹ́fà tàbí eéje tí ẹnikẹ́ni máa ṣì wọ́n mú fún.

Ìṣẹ́jú àáyá 10 tó wà nínú `WaitExten` náà nídìí. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ní bọ́tìnnì lójú, ẹni tó ní i á tẹ̀ ẹ́ kíákíá. Ẹni tó ń lo fóònù olójú gbàgẹ̀dẹ̀ ní láti mú un kúrò létí, kí iná ojú rẹ̀ tàn, kó wá ibi tí nọ́ńbà wà, kó tó tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ẹ̀rọ á ti kọjá lọ. Ẹni tí kò bá sì tẹ nǹkan kan, ẹ má ṣe pa ìpè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ènìyàn ni kó lọ. Bàbá tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣófo.

Lórí èsì àyẹ̀wò, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ńbà ẹẹ́ta wà láti sọ bóyá èsì ti jáde, kò wà láti ka èsì. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó di fóònù mú. Òfin Ààbò Ìwífún Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ìwífún tó nílò ìṣọ́ra jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wá gbà á.

Tí kíníìkì yín bá máa ń tì lálẹ́, àkọsílẹ̀ alẹ́ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ pátápátá, kó sì máa sọ̀rọ̀ títí ẹ ó fi ṣí, nítorí náà 07:00 ni kí ẹ fi rọ́pò 04:00 nínú àpẹẹrẹ òkè: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ti ti kíníìkì, kò sí dókítà níbí báyìí. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ pa ìpè yìí, kí ẹ pe 112 tàbí 767, tàbí kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí Jẹ́nẹ́rà Họsípítù Ìkòròdú báyìí. A máa ṣí ní agogo méje àárọ̀.” Nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni ti ìpínlẹ̀ Èkó fún pàjáwìrì. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń pè wọ́n ládùúgbò ni kí ẹ pè wọ́n, “wọ́ọ̀nù wọ́ọ̀nù túù” àti “sẹ́fùn síìsì sẹ́fùn.” Ẹ sọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ rọra.

Ta ni kó wá sọ ọ́? Tí mo bá ní agbára lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì yín ni, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Kó gbà á nínú yàrá tí kọ́tìnì wà lára fèrèsé, tí fáànù àti jẹnẹrétọ̀ ti kú, kí ẹnu rẹ̀ jìnnà tó ìbú ọwọ́ méjì sí fóònù. Ọjọ́ kan náà ni kó gba gbogbo rẹ̀, kí ìkíni àti ìyókù má bàa dà bí ohùn ènìyàn méjì. Ẹ má fi orin sábẹ́ rẹ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ìtumọ̀ nínú èdè wa, orin á bá wọn jà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì sọ àpapọ̀ wọn di ariwo inú omi. Tí ó bá parí, ẹ sọ fáìlì náà di irú èyí tí ẹ̀rọ fóònù ń lò:

```
sox asayan-odidi.wav -r 8000 -c 1 -b 16 asayan.wav
```

Àwọn kan á fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́, ó sì ní ibi tó wúlò, bíi kíníìkì tí ọjọ́ dókítà ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ níbẹ̀ ni àmì ohùn. Ẹ̀rọ tí ẹ bá kọ “ogun” fún kò lè mọ̀ bóyá iye, ìyẹn ogún, lẹ ní lọ́kàn tàbí ogun tí wọ́n ń jà. Á kàn méfò ni. Ẹ kọ gbogbo àmì sí i, ẹ kọ “eéjì,” ẹ má kọ “2,” torí pé ẹ̀rọ mìíràn á kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn á fò ó. Ohun kan tún ń fara pamọ́ níbẹ̀. A lè tẹ lẹ́tà bíi “ẹ́” ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i. Tí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ka ọ̀rọ̀ kan náà dáadáa níbì kan, tó sì ń kà á lódì níbòmíràn, ẹ ní kí oníṣẹ́ yín sọ gbogbo àkọsílẹ̀ náà di NFC, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, kó tó fún ẹ̀rọ.

Kí ẹ tó ṣí i fún aráyé, ẹ wá ènìyàn mẹ́ta tí kò rí àkọsílẹ̀ yín rí, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà. Ẹ ní kí wọ́n pè láti inú ariwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹ sọ fún ọ̀kan pé gìrì mú ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì fi agogo wo ìgbà tó máa tó tẹ oókan àti ìgbà tí ènìyàn máa tó dá a lóhùn. Tí nọ́ọ̀sì ò bá gbé oókan lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, ìpè náà gbọ́dọ̀ fò sórí fóònù dókítà. Ẹ dán ìyẹn náà wò, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dún láìgbé e.

Ìyá kan béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi pé ṣé kí àwọn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, torí pé Ìgbò, Hausa àti àwọn ará ibòmíràn pọ̀ ní Àgíríìkì lọ́dọ̀ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi yíyan èdè ṣíwájú pàjáwìrì. Lẹ́yìn gbólóhùn oókan ni kí ohùn kan náà sọ lẹ́ẹ̀kan pé “Fọ̀ ẹmẹ́jẹ́ńsì, prẹ́ẹ̀sì wọ́ọ̀nù. Fọ̀ Íńgílíṣì, prẹ́ẹ̀sì náìnì.” Kí ó wá máa bá Yorùbá lọ. Kí oókan sì jẹ́ pàjáwìrì lábẹ́ èdè méjèèjì, kí ẹni tó ti tẹ náìnì má bàa bá nǹkan mìíràn pàdé níbẹ̀.